Lìmíìtì arctan àti àwọn fọ́ńṣọ̀n haipabọ́líìkì bí x ṣe ń lọ sí àìlópin: àlàfo tó kù ni kí ẹ máa wò

Bí ẹ bá tẹ arctan 1000 sórí kakulétọ̀, tí ẹ sì tẹ tanh 1000 tẹ̀lé e, á dà bíi pé àwọn méjèèjì ti dé ibi tí wọ́n ń lọ. Èkíní á gbé 1.569796327 jáde, èkejì á gbé 1 jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò jọra rárá. Arctan ṣì ku nǹkan bí ìdá kan nínú 1000 kó tó dé π/2. Ní ti tanh, àlàfo tó kù kí ó tó pé 1 kéré débi pé bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, òdo tí ẹ máa kọ lẹ́yìn àmì desíìmà lé ní 860 kí nọ́ńbà mìíràn tó yọjú.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé arctan x ń lọ sí π/2, tí tanh x sì ń lọ sí 1. Ìbéèrè tó ń gbé wọn ṣubú ni èyí tí nǹkan mìíràn ti ń bá àlàfo náà jà: x(π/2 − arctan x), tàbí e^(2x)(1 − tanh x). Níbẹ̀, mímọ ibi tí fọ́ńṣọ̀n ń lọ kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe ń yára sún mọ́ ibẹ̀. Ọ̀nà tí a ó tọ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣirò

Ohun méjì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àmì tan⁻¹ x. Lórí kakulétọ̀ àti nínú ọ̀pọ̀ ìwé, arctan x ni wọ́n ń kọ báyẹn, ìyẹn igun tí tánjẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ x. Kì í ṣe 1/tan x. Ẹni tó bá kà á sí 1/tan x á sọ pé kò ní lìmíìtì, torí pé tan x ń gòkè, ó ń já wálẹ̀, títí láé. Arctan x ní tirẹ̀ kì í kúrò láàárín −π/2 sí π/2. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, arctan la ó máa kọ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú.

Èkejì ni ìwọ̀n igun. Kakulétọ̀ tó bá wà lórí dìgírì máa sọ pé arctan 1000 jẹ́ 89.9427. Irọ́ kọ́, igun náà ń sún mọ́ 90 dìgírì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo òfin tí a máa lò nísàlẹ̀, pàápàá èyí tó sọ pé arctan u fẹ́rẹ̀ẹ́ bá u dọ́gba nígbà tí u bá kéré, orí rédíánì nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìdáhùn yín bá fi nǹkan bí ìlọ́po 57.3 ju èyí tó yẹ lọ, ẹ yẹ bọ́tìnnì náà wò kí ẹ tó yẹ iṣẹ́ yín wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo inú arctan kí ẹ tó wo arctan fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká gbé àkàbà ti ògiri. Ẹsẹ̀ àkàbà jìnnà sí ògiri ní mítà 1, orí rẹ̀ sì kan ògiri ní gíga mítà x. Igun tí àkàbà ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ ni arctan x. Bí x bá jẹ́ 1, igun náà jẹ́ π/4. Bí ẹ bá ń fi àkàbà tó gùn sí i pààrọ̀ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, igun náà á máa nàró sí i, ṣùgbọ́n kò ní nàró tán láéláé, nítorí mítà 1 yẹn ṣì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ògiri. Ìdí rèé tí arctan x fi ń lọ sí π/2 bí x ṣe ń lọ sí +∞, tí kò sì fi ní dé ibẹ̀. Bí x bá ń lọ sí −∞, −π/2 ló ń lọ, torí pé arctan(−x) = −arctan x.

Ẹ má gbàgbé àkàbà yìí. Igun kékeré tó wà lókè, láàárín àkàbà àti ògiri, ni àlàfo tí a ń wí, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan mìíràn bá wà nínú arctan, ẹ kọ́kọ́ wá lìmíìtì nǹkan náà lọ́tọ̀. Bí ó bá ń lọ sí +∞, ìdáhùn ni π/2. Bí ó bá ń lọ sí −∞, ìdáhùn ni −π/2. Bí ó bá ń lọ sí nọ́ńbà kan tó dúró, bí i L, ìdáhùn ni arctan L, kò sì sí π/2 níbẹ̀ rárá. Ẹ wo arctan((x² + 1)/(x² − 3)). Òkè àti ìsàlẹ̀ ń dàgbà láìlópin, àmọ́ ìdá wọn ń lọ sí 1, nítorí náà ìdáhùn ni π/4. Ẹni tó bá rí i pé x ń lọ sí àìlópin, tó sì sáré kọ π/2, kò wo inú.

Ọ̀kan wà tó lẹ́tàn: arctan(x sin x). Ohun tó wà nínú ń dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbéra láti apá òkè lọ sí apá ìsàlẹ̀ òdo, ó sì ń padà. Gbogbo ìgbà tí x bá jẹ́ ìlọ́po π, x sin x jẹ́ òdo gan-an, arctan rẹ̀ náà sì jẹ́ òdo. Láàárín kan, ó sún mọ́ π/2, láàárín èkejì, ó sún mọ́ −π/2. Kò ní lìmíìtì. Ẹ fi wé arctan(x + sin x): sin x kò lè ju 1 lọ, kò sì lè kéré ju −1, nítorí náà x + sin x kì í kéré ju x − 1. Ó ń lọ sí àìlópin, ìdáhùn sì ni π/2.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ sinh àti cosh di agbára e, kí ẹ sì mọ èyí tó máa ṣẹ́kù

Àwọn fọ́ńṣọ̀n haipabọ́líìkì kò ní àṣírí kankan ju èyí lọ:

sinh x = (e^x − e^(−x))/2

cosh x = (e^x + e^(−x))/2

tanh x = sinh x / cosh x

Bí x bá ń lọ sí +∞, e^x ń dàgbà, e^(−x) sì ń kú lọ sí òdo. Sinh àti cosh méjèèjì á wá dà bí e^x/2, nítorí náà àwọn méjèèjì ń lọ sí +∞, ìdá wọn sì ń lọ sí 1. Bí x bá ń lọ sí −∞, ọ̀rọ̀ yí padà. E^(−x) ló wá ń dàgbà. Cosh á dà bí e^(−x)/2, sinh á dà bí −e^(−x)/2. Cosh ń lọ sí +∞ síbẹ̀, sinh ń lọ sí −∞, tanh sì ń lọ sí −1.

Òfin iṣẹ́ náà kò le: ẹ pín òkè àti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára e tó ń dàgbà ní apá tí x ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti pín x³ ní òkè àti ìsàlẹ̀ rí mọ ọ̀nà náà. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé agbára tó ń borí ní apá ọ̀tún kọ́ ló ń borí ní apá òsì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

(3 sinh x − cosh x) / (2 cosh x + sinh x)

Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn agbára e jọ. Ní òkè, 3/2 nínú e^x yọ 1/2 kù sí e^x kan, e^(−x) sì di −2. Ní ìsàlẹ̀, e^x di 3/2, e^(−x) di 1/2. Ohun tó kù rèé:

(e^x − 2e^(−x)) / ((3/2)e^x + (1/2)e^(−x))

Bí x bá ń lọ sí +∞, ẹ fi e^x pín. Òkè á ku 1, ìsàlẹ̀ á ku 3/2, ìdáhùn jẹ́ 2/3. Bí x bá ń lọ sí −∞, e^(−x) lẹ máa fi pín. Òkè á ku −2, ìsàlẹ̀ á ku 1/2, ìdáhùn jẹ́ −4. Ẹni tó bá fi e^x pín ní apá òsì kò tíì dẹ́ṣẹ̀, àmọ́ e^(−2x) tó ń dàgbà ló máa bá lókè àti nísàlẹ̀, kò sì ní sún síwájú. Ẹni tó bá wá ka e^(−2x) yẹn sí òdo nítorí pé ó rí àmì ìyọkúrò lára rẹ̀ á kọ 2/3, á sì ṣìnà. Bí iyè méjì bá mú yín, ẹ fi nọ́ńbà dán an wò: bí x bá jẹ́ −10, −2x jẹ́ 20, e^20 sì ju mílíọ̀nù 485 lọ. Kì í ṣe òdo.

A ní láti sọ̀rọ̀ lórí òfin Lopítàlì, torí òun ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nà sí. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí sinh x / cosh x. Dẹrifatíìfù sinh ni cosh, dẹrifatíìfù cosh ni sinh. Ìdá náà á di cosh x / sinh x. Ẹ tún un ṣe, ó padà di sinh x / cosh x. Ẹ lè yí po títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìbéèrè náà kò ní yàtọ̀ sí bí ó ṣe rí ní àkọ́kọ́. Òfin náà kò parọ́, iṣẹ́ yìí ló ju agbára rẹ̀ lọ. Pípín pẹ̀lú agbára e á parí rẹ̀ ní ìlà kan.

Ọ̀nà kan náà ló ń tú àìlópin tí a yọ kúrò nínú àìlópin. Cosh x − sinh x kò le rárá bí ẹ bá kọ ọ́ tán: e^(−x) ni, ó sì ń lọ sí òdo bí x ṣe ń lọ sí +∞. Èyí tó dùn ún ṣe jù ni ln(cosh x) − x. Ẹ fa e^x/2 jáde nínú cosh, kí ó di (e^x/2)(1 + e^(−2x)). Lógárítìmù á sọ ìsọdipúpọ̀ yẹn di àròpọ̀: x − ln 2 + ln(1 + e^(−2x)). X á pa x, èyí tó kẹ́yìn á kú sí òdo, ìdáhùn sì jẹ́ −ln 2, ìyẹn −0.6931. Ẹni tó bá sọ pé "cosh ń dà bí e^x, nítorí náà ìdáhùn jẹ́ òdo" ti gbàgbé ìdajì tó wà níwájú e^x. Ìdajì yẹn gan-an ni ìdáhùn.

Ní ti sech x àti csch x, ìyẹn 1/cosh x àti 1/sinh x, òdo ni wọ́n ń lọ ní apá méjèèjì. Coth x, ìyẹn 1/tanh x, ń bá tanh x lọ sí 1 àti −1. Kò sí ohun mìíràn láti wá lára wọn níhìn-ín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn àlàfo

Ẹ padà sídìí àkàbà. Igun ìsàlẹ̀ àti igun òkè jọ jẹ́ π/2, torí pé ògiri àti ilẹ̀ ti gba igun 90 dìgírì lọ. Láti òkè, ohun tó kọjú sí igun kékeré yẹn ni mítà 1, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ni x. Tánjẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ 1/x. Nítorí náà, bí x bá ju òdo lọ:

π/2 − arctan x = arctan(1/x)

Ìlà kan yìí ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Bí x bá tóbi, 1/x kéré, arctan nǹkan kékeré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá nǹkan náà dọ́gba. Àlàfo arctan jẹ́ nǹkan bí 1/x. Ẹ wo nọ́ńbà: bí x bá jẹ́ 10, àlàfo jẹ́ 0.099669, bí x bá jẹ́ 100, ó jẹ́ 0.009999667. Nítorí náà x(π/2 − arctan x) ń lọ sí 1. Bí ẹ bá fi x² dípò x, àìlópin ni. Bí ẹ bá fi gbòǹgbò x, òdo ni. (Bí x bá kéré ju òdo, ìlà òkè yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́: arctan x + arctan(1/x) jẹ́ −π/2 níbẹ̀. Ẹ wo apá tí x wà kí ẹ tó lò ó.)

Àlàfo tanh rọrùn láti rí pẹ̀lú. Ẹ yọ tanh x kúrò nínú 1, kí ẹ sì fi e^x sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀:

1 − tanh x = 2/(e^(2x) + 1)

Nǹkan bí 2e^(−2x) nìyẹn. E^(2x)(1 − tanh x) ń lọ sí 2. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi x, x², àní x^50 dípò e^(2x), òdo ni ìdáhùn, torí pé kò sí agbára x kankan tó lè bá e^(2x) sáré.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, ẹ bi fọ́ńṣọ̀n méjèèjì pé: x gbọ́dọ̀ tó mélòó kí àlàfo yín tó kéré ju 0.01? Arctan á béèrè fún 100. Tanh á béèrè pé kí e^(2x) ju 199 lọ, ìyẹn kí x ju 2.65 lọ. Ẹ wá sọ ọ́ di ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Arctan á béèrè fún mílíọ̀nù kan, tanh kò ní béèrè ju nǹkan bí 7.25 lọ. Lórí gíráàfù, àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Nínú ìṣirò, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tí méjèèjì bá wọ inú ara wọn

Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí láti òkè dé ìsàlẹ̀. A fẹ́ lìmíìtì e^x(π/2 − arctan(sinh x)) bí x ṣe ń lọ sí +∞.

Inú arctan la kọ́kọ́ ń wò. Sinh x ń lọ sí +∞, nítorí náà arctan rẹ̀ ń lọ sí π/2, ohun tó wà nínú àkámọ́ sì ń lọ sí òdo. E^x níta ń lọ sí àìlópin. Àìlópin tí a fi òdo sọ di púpọ̀ ni, kò sì sí ìdáhùn nínú ìyẹn títí a ó fi wọn àlàfo.

Sinh x ju òdo lọ ní apá tí a wà, nítorí náà a lè lo òfin àkàbà: àkámọ́ náà di arctan(1/sinh x). Bí x bá tóbi, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1/sinh x. A wá ní e^x/sinh x. Ẹ kọ sinh bí agbára e, kí ẹ fi e^x pín òkè àti ìsàlẹ̀:

e^x / sinh x = 2 / (1 − e^(−2x))

E^(−2x) kú sí òdo, ìdáhùn jẹ́ 2.

Ohun tí olùkọ́ tó mú ṣinṣin máa béèrè ni pé, kí ló fún yín láyè láti fi 1/sinh x rọ́pò arctan(1/sinh x)? Èsì rẹ̀ ni pé arctan u / u ń lọ sí 1 bí u ṣe ń lọ sí òdo, 1/sinh x sì ń lọ sí òdo. Ẹ kọ ìlà yẹn sínú iṣẹ́ yín. Ẹ tún kíyè sí i pé ìsọdipúpọ̀ tàbí ìpín la ti ń ṣe ìrọ́pò yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, bí i (1/x − arctan(1/x)) tí a fi x³ sọ di púpọ̀, ìrọ́pò á fún yín ní òdo, òdo náà sì jẹ́ àṣìṣe. Níbẹ̀, ẹ ní láti gbé apá kejì arctan wọlé, u − u³/3, ìdáhùn tòótọ́ sì jẹ́ 1/3.

Ẹ yẹ ìdáhùn 2 wò pẹ̀lú nọ́ńbà. Bí x bá jẹ́ 1, èsì jẹ́ 1.9165. Bí x bá jẹ́ 3, ó jẹ́ 1.9983. Bí x bá jẹ́ 5, ó jẹ́ 1.99997. Ó ń sún mọ́ ọn dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yíyẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ, àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń tan ni jẹ

Ó yẹ kí ẹ máa fi ẹ̀rọ yẹ lìmíìtì wò, ṣùgbọ́n nínú irú ìṣirò yìí, fífi x tó tóbi jù dán an wò burú ju kí ẹ má dán an wò lọ. Ẹ gbé èyí sínú Python:

```
import math
for x in (3, 5, 40):
    a = math.pi/2 - math.atan(math.sinh(x))
    b = math.atan(1/math.sinh(x))
    print(x, math.exp(x)*a, math.exp(x)*b)
```

Ní 3 àti 5, ọ̀wọ́ méjèèjì bára mu, wọ́n sì ń lọ sí 2. Ní 40, ọ̀wọ́ kìíní á sọ pé 0.0, ọ̀wọ́ kejì á sọ pé 2 tàbí nǹkan tó fi irun orí kan jìnnà sí i. Ìbéèrè kan náà ni, kọ̀ǹpútà kan náà ni. Kí ló dé?

Kọ̀ǹpútà ń pa nọ́ńbà mọ́ pẹ̀lú nǹkan bí fígọ̀ 16. Ní àyíká 1.57, ìgbésẹ̀ tó kéré jù tó lè gbé láti nọ́ńbà kan sí èkejì jẹ́ 2.2 × 10⁻¹⁶. Àlàfo wa nígbà tí x jẹ́ 40 sì jẹ́ nǹkan bí 8.5 × 10⁻¹⁸. Kò sí ibi tí ó máa kọ ọ́ sí, nítorí náà ó kọ π/2 gan-an sílẹ̀ fún arctan. Nígbà tí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú π/2, òdo ló kù, òdo tí ẹ bá sì fi e^40 sọ di púpọ̀, òdo náà ni. Ọ̀wọ́ kejì kò bá ìyọkúrò kankan pàdé, àlàfo fúnra rẹ̀ ló ṣírò, ó sì rí i. Òfin àkàbà tó wúlò lórí pépà wúlò lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ni pé èsì yín á kọ́kọ́ máa sún mọ́ nọ́ńbà kan dáadáa, á wá máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà á já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Lìmíìtì tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú irú fọ́ńṣọ̀n yìí. Ìgbà tí èsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni kí ẹ dá dúró, kí ẹ sì gba èyí tó ṣáájú rẹ̀ gbọ́. Tanh ń ṣe bákan náà: láti nǹkan bí x = 20 lọ, `math.tanh(x)` á fún yín ní 1.0, nítorí náà 1 − tanh x á di òdo. Ẹ lo 2/(e^(2x) + 1) dípò rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni àkúnya. `math.exp(710)` á dá dúró pẹ̀lú `OverflowError`, torí pé e^710 ti kọjá nọ́ńbà tó tóbi jù tí kọ̀ǹpútà lè pa mọ́. Ẹni tó bá kọ tanh fúnra rẹ̀ bí (e^x − e^(−x))/(e^x + e^(−x)) á bá èyí pàdé nígbà tí x bá jẹ́ 1000, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn kò ju 1 lọ. Ẹ fi e^x pín òkè àti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́, kí ó di (1 − e^(−2x))/(1 + e^(−2x)), kò sì ní sí àkúnya mọ́ ní apá ọ̀tún. Lórí kakulétọ̀ ọwọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò kọjá 10¹⁰⁰, àkúnya tètè ń dé: e^231 ti kọjá ibẹ̀, nítorí náà àṣìṣe ló máa gbé sójú rẹ̀. Àṣìṣe yẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí lìmíìtì.

Nígbà tí "àìlópin" jẹ́ mítà 50

Ìyára tí tanh fi ń dé 1 ní ibi tó ti wúlò gan-an. Ìyára ìgbì lórí omi tí ìjìn rẹ̀ jẹ́ h, tí gígùn ìgbì náà láti orí kan dé orí kejì jẹ́ λ, ni:

c = √( (gλ/2π) · tanh(2πh/λ) )

Bí omi bá jìn láìlópin, tanh di 1, c sì di √(gλ/2π). Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìgbì òkun ń pe omi ní omi jíjìn nígbà tí h bá ti ju ìdajì λ lọ. Ó lè dà bíi pé wọ́n kàn mú ìdajì yẹn látinú afẹ́fẹ́, àmọ́ ẹ wò ó: bí h bá jẹ́ λ/2, ohun tó wà nínú tanh jẹ́ π, tanh π sì jẹ́ 0.9963.

Ẹ mú ìgbì tó gùn ní mítà 100, pẹ̀lú g = 9.8. Bí omi bá jìn láìlópin, ìyára rẹ̀ jẹ́ mítà 12.49 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí omi bá jìn ní mítà 50 péré, ó jẹ́ 12.47. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú 500. Ìgbì yẹn kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ wá mú ìgbì mìíràn tí gígùn tirẹ̀ náà jẹ́ mítà 100, àmọ́ tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 10 péré: tanh 0.6283 jẹ́ 0.5569, ìyára sì ti wálẹ̀ sí 9.32. Lìmíìtì kò wúlò níbẹ̀ mọ́, gbogbo fọ́múlà náà lẹ gbọ́dọ̀ lò.

Ká ní arctan ló wà nípò tanh nínú fọ́múlà yẹn, tí a fi 2/π sọ ọ́ di púpọ̀ kí òun náà lè máa lọ sí 1, àlàfo rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 2/π pín sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí àlàfo náà tó kéré bíi ti tanh π, ìyẹn 0.0037, ohun tó wà nínú gbọ́dọ̀ tó 170. Fún ìgbì mítà 100, omi gbọ́dọ̀ jìn ju mítà 2,700 lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè pè é ní omi jíjìn.